Ìdánwò wo ló tọ́ sí ìpele ìjáfáfá ọjà ṣíà kọ̀ọ̀kan?

Akẹ́kọ̀ọ́Owó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ọjà ṣíà NGX ní Èkó. Mo fi èrè ojoojúmọ́ òdiwọ̀n gbogbo ṣíà, nọ́ńbà kan tó ń ṣa iye owó gbogbo ṣíà ọjà náà jọ, wo bóyá èrè òní bá ti àná tan, mo rí i pé wọ́n bá ara wọn tan dáadáa, mo sì kọ ọ́ pé ọjà wa kò jáfáfá ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: aláìlera, agbedeméjì àti alágbára. Olùdarí iṣẹ́ mi fi bírò pupa fa gbogbo ojú ìwé náà, ó ní kí n lọ mọ ìdánwò tó jẹ́ ti ìpele kọ̀ọ̀kan. Mo tún ní àkójọ ọjọ́ tí àwọn báńkì kéde èrè ìpín. Ìpele wo ni ìyẹn wà fún, kí sì ni àṣìṣe mi nínú èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe?

ÌyáAláṣọ:

Ọmọ mi, kò sí ìdánwò kankan tí o nílò kí o tó mọ̀ pé ọjà náà kò jáfáfá. Mo ta ṣíà mi nípasẹ̀ alágbàtà kan, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí owó tó wọ àkáǹtì mi. Ní ìsọ̀ aṣọ tèmi, bí o bá ta ìgàn kan lówùúrọ̀, owó rẹ á ti wà nínú àpò rẹ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ìyẹn ni mo mọ̀ sí ìjáfáfá.

Olùṣirò:

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìdádúró owó yín kò dára rárá, ó sì yẹ kí ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé wá yàtọ̀ sí i. Ohun tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ń bèèrè ni pé, nígbà tí ìròyìn kan bá ti wà nílẹ̀, ṣé iye owó ṣíà ti gbé ìròyìn náà mì tán, tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì lè fi í jẹ èrè tó ju èyí tó tọ́ sí ewu tó gbé lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́Owó, má ṣe fi orúkọ ọ̀nà ìṣirò há ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí. Harry Roberts ló pín in bẹ́ẹ̀ ní 1967, Eugene Fama ló sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nínú àtúnyẹ̀wò tó kọ ní 1970. Ìpín náà dá lórí ohun kan ṣoṣo, èyíinì ni ohun tí oníṣòwò inú ìdánwò rẹ mọ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ ra. Bí ó bá jẹ́ pé iye owó àtẹ̀yìnwá nìkan lo jẹ́ kó rí, ìpele aláìlera lò ń dán wò. Bí o bá jẹ́ kó ka ìwé ìròyìn, kó rí èsì ìṣirò ọdún àti ìkéde èrè ìpín, ìpele agbedeméjì ni. Bí o bá jẹ́ kó mọ ohun tí kò tíì jáde kúrò nínú yàrá ìgbìmọ̀ olùdarí, ìpele alágbára ni. Nítorí náà, àkójọ ọjọ́ ìkéde tí o ní jẹ́ ti ìpele agbedeméjì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ gbè ọ́ lẹ́yìn lé lórí. Bí ìdánwò rẹ bá dájú, ó tọ̀nà láti sọ pé ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wó lulẹ̀, torí pé iye owó àná wà lára ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sì wà lára ohun tí ará inú ilé-iṣẹ́ mọ̀. Ẹni tí iye owó àná nìkan ti tó láti sọ di olówó kò nílò àṣírí. Òdìkejì rẹ̀ ni kò ṣeé ṣe: bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá fi àṣírí jẹ èrè, ìyẹn kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ìpele aláìlera. Mo rò pé ìdánwò gan-an ni bírò pupa olùdarí rẹ ń bá wí, kì í ṣe bí o ṣe so ìpele kan mọ́ èkejì.

ÀtẹÌlà:

Mo fara mọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi ìlà iye owó ra ṣíà, tí mo sì ń fi tà, mo sì ti jèrè. Bí ìbátan bá wà láàárín èrè òní àti ti àná, ìpele aláìlera ti kú nìyẹn, kò sí àlàyé mìíràn. Ẹni tó bá ní ọjà jáfáfá kò tíì jókòó síwájú ẹ̀rọ rí ni.

Olùṣirò:

Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ló tọ̀nà. Ìbátan èrè ọjọ́ kan sí òmíràn ni ìdánwò ìpele aláìlera tó wọ́pọ̀ jù, ó sì rọrùn. Ká ní èrè ọjọ́ 484 wà ní ìlà C lórí tábìlì ìṣirò, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
=CORREL(C3:C485,C2:C484)
```

Bí kò bá sí ìbátan kankan lóòótọ́, nọ́ńbà tó máa jáde yóò máa ṣeré ní àyíká òdo. Ìwọ̀n ìṣeré náà tó 1 tí a pín sí gbòǹgbò ìlọ́po-méjì iye ọjọ́. Gbòǹgbò 484 jẹ́ 22, nítorí náà ó tó 0.045. Bí ẹ bá rí 0.06, kì í ṣe ohun tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ pariwo. Bí ẹ bá rí ohun tó ju 0.09 lọ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìdí.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, nínú bíbèèrè ìdí. Andrew Lo àti Craig MacKinlay ṣe irú ìdánwò yìí lórí ọjà Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ 1,216 láti 1962 sí 1985, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1988. Wọ́n fi bí iye owó ṣe ń yí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wé ìlọ́po méjì bí ó ṣe ń yí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí iye owó bá ń rìn láìní ìrántí, ìpín náà yóò jẹ́ 1. Lórí òdiwọ̀n tí wọ́n ti ka ṣíà kékeré àti ńlá sí ìwọ̀n kan náà, 1.30 ni wọ́n rí, èyí tó túmọ̀ sí ìbátan tó tó 0.30. Lórí òdiwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń tẹ̀wọ̀n ju kékeré lọ, ó lọ sílẹ̀ sí 1.08. Nígbà tí wọ́n wá mú ṣíà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbátan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, kódà ó fì sí apá òdì díẹ̀.

Ẹ bi ara yín léèrè bí ìrántí ṣe lè wà nínú àgbájọ nígbà tí kò sí nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lára ìdáhùn ni pé gbogbo ṣíà kì í nà, ìyẹn ni pé kì í rí olùrà àti olùtà, lọ́jọ́ kan náà. Bí ìròyìn rere bá dé ní ọjọ́ Ajé, ṣíà tí àwọn èèyàn ń rà lójoojúmọ́ á gòkè lọ́jọ́ Ajé. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò rà títí di Ọjọ́rú á gbé iye owó àtijọ́ dání títí di Ọjọ́rú. Òdiwọ̀n tó ṣa gbogbo wọn jọ yóò gòkè lọ́jọ́ Ajé, yóò tún gòkè ní Ọjọ́rú, ìṣirò rẹ á sì pè é ní ìrántí. Kò sí ẹni tó lè fi í jèrè, nítorí pé iye owó ọjọ́ Ajé tí ó rí lórí ṣíà tí kò nà náà kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tà á.

BàbáAlágbàtà:

Òtítọ́ ni Olùṣirò ń sọ níbí. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe alágbàtà kí n tó fẹ̀yìn tì, láyé ìgbà tí a ṣì ń pe orúkọ ṣíà lókè ohùn nínú gbọ̀ngàn ọjà, mo sì fẹ́ fi ohun tí ìwé kì í sábà sọ kún un. Ní ọjà Èkó, kì í ṣe gbogbo rírà àti títà ló ń yí iye owó ìparí ọjọ́ padà. Òfin wà pé iye ṣíà tí a nà gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n kan kí iye owó tó lè ṣí kúrò níbi tó wà. Nítorí náà ẹ lè rí ṣíà tí àwọn èèyàn rà díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́fà ní iye tó yàtọ̀, tí ìwé ìparí ọjọ́ sì ń kọ iye kan náà sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbé ìwé náà, á ní èrè rẹ̀ jẹ́ òdo, òdo, òdo, lẹ́yìn náà ó fò. Òdo wọ̀nyẹn kì í ṣe èrè, wọ́n kàn jẹ́ àmì pé ọjà kò sọ̀rọ̀.

Èyí tó tún fa ìdààmú ni pé àwọn kan lára ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀wọ̀n jù nínú òdiwọ̀n wa ni ṣíà wọn kò pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, torí pé olówó kan ló di èyí tó pọ̀ jù mú. Nítorí náà a kò lè sọ bíi ti Amẹ́ríkà pé àwọn ńlá ń nà dáadáa, àwọn kékeré ló ń sùn. Tiwa, àwọn ńlá míràn náà ń sùn.

ÀtẹÌlà:

Ẹ̀yin bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èrè tí mo jẹ ńkọ́? Àbí òun náà jẹ́ òdo?

BàbáAlágbàtà:

Ṣé o ti yọ owó alágbàtà, owó ọjà, owó ìjọba àti àlàfo tó wà láàárín iye tí wọ́n fẹ́ rà á àti iye tí wọ́n fẹ́ tà á? Ṣé o sì ti fi wé ẹni tó ra ṣíà kan náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó sì lọ sùn?

ÀtẹÌlà:

Mo ti yọ owó alágbàtà. Èyí tó kù ni n kò tíì ṣírò.

Olùṣirò:

Ìbéèrè Bàbá jẹ́ ìdánwò gidi. Fama àti Marshall Blume ṣe é ní 1966 lórí ṣíà 30 inú òdiwọ̀n Dow ti Amẹ́ríkà. Òfin náà ni pé bí iye owó bá gòkè ní ìwọ̀n kan láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, rà á. Bí ó bá já ní ìwọ̀n kan náà láti òkè rẹ̀, tà á. Nígbà tí ìwọ̀n náà kéré gan-an, bíi ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, òfin yẹn rí èrè. Ìrántí kékeré wà nínú iye owó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kékeré túmọ̀ sí kíkó wọlé àti jíjáde ní ìgbà púpọ̀, owó alágbàtà sì gbé gbogbo èrè náà lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi í sọ pé ìpele aláìlera ti wó nítorí ìbátan nìkan. Nínú ìṣirò a lè rí ìbátan. Nínú àpò ni a ti ń mọ̀ bóyá ìbátan náà tó nǹkan.

Akẹ́kọ̀ọ́Owó:

Ẹ ṣeun gan-an. Èmi yóò mú ṣíà tó ń nà lójoojúmọ́ nìkan, n óò ṣe ìdánwò lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n óò sì ju ọjọ́ tí ṣíà kò nà sẹ́yìn dípò kí n kọ òdo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tọ́ mi sọ́nà lórí ìkéde èrè ìpín. Mo ti bẹ̀rẹ̀: mo wo iye owó ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú àti ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìkéde, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ìyẹn fi hàn pé ọjà kò gba ìròyìn rere dáadáa?

ÌyáAláṣọ:

Èyí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí mi! Mo gbọ́ pé báńkì kan fẹ́ pín náírà 3 lórí ṣíà kan, mo sáré rà á ní náírà 40. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà mo jí, mo bá a ní náírà 37. Mo ní àwọn olè ti dé.

BàbáAlágbàtà:

Kì í ṣe olè, Ìyá. Ọjọ́ kan wà tí ẹni tó bá rà láti ọjọ́ náà lọ kò ní rí èrè ìpín náà gbà. Lọ́jọ́ náà ọjà á yọ èrè ìpín kúrò lára iye owó, torí pé ṣíà tí kò gbé náírà 3 dání mọ́ kò lè jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú èyí tó gbé e dání. Náírà 37 pẹ̀lú náírà 3 tó ń bọ̀ jẹ́ 40. Ẹ kò pàdánù kọ́bọ̀, àyàfi owó orí tí ìjọba á yọ lára náírà 3 náà.

Olùṣirò:

Akẹ́kọ̀ọ́Owó, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Bí o kò bá dá èrè ìpín padà sínú èrè ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, àwòrán rẹ á máa já bọ́ fún ìdí tí kò kan ìròyìn.

Jẹ́ kí n gba inú àpẹẹrẹ kan kọjá. Ká ní báńkì kan kéde lónìí. Mú ọjọ́ 120 tó parí ní ogúnjọ́ ṣáájú ìkéde, kí o fi wá bí ṣíà náà ṣe máa ń tẹ̀lé òdiwọ̀n ọjà ní ọjọ́ lásán. Ká ní o rí i pé bí ọjà bá gòkè ní 1%, ṣíà náà máa ń gòkè ní 0.90%, tí a fi 0.02% kún un. Lọ́jọ́ ìkéde, ọjà gòkè ní 1%, ṣíà gòkè ní 4%. Ohun tí a ń retí jẹ́ 0.92%. Èyí tó ṣẹ́kù, 3.08%, ni a lè kà sí ti ìròyìn. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìkéde tí o ní, fi ọjọ́ ìkéde gbogbo wọn ṣe ọjọ́ òdo kan náà, wá àárín wọn, kí o sì máa ṣa á jọ láti ọjọ́ kẹwàá ṣáájú dé ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn. Bí ìkéde bá jáde lẹ́yìn tí ọjà ti pa, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ òdo.

Má gbàgbé láti ya ìkéde sọ́tọ̀ síra. Báńkì tó pín náírà 3 lẹ́yìn tó pín náírà 3 lọ́dún tó kọjá kò fún ọjà ní ìròyìn. Èyí tó gbé e sókè, èyí tó gé e kù, àti èyí tó fi sílẹ̀ bó ṣe wà kò gbọ́dọ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan.

Ohun tí ìpele agbedeméjì ń sọ ni pé ìlà àṣẹ́kù tí o ṣa jọ náà lè fò lọ́jọ́ òdo, ó sì gbọ́dọ̀ dúró pẹrẹsẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn rere, ẹni tó ka ìkéde náà lọ́la ṣì lè jèrè. Irú ìyẹn kì í ṣe àlá: Ray Ball àti Philip Brown rí àmì rẹ̀ ní 1968 lẹ́yìn ìkéde èrè ọdún, Victor Bernard àti Jacob Thomas sì padà sórí rẹ̀ ní 1989, ìyọ́gòkè náà kò parẹ́. Lójú tèmi, òun ni ẹ̀gún tó le jù lẹ́sẹ̀ ìpele agbedeméjì.

BàbáAlágbàtà:

Kí o tó pariwo pé o rí ìyọ́gòkè ní Èkó, rántí òfin 10%. Ṣíà kò lè gòkè tàbí já ju 10% lọ lọ́jọ́ kan. Ká ní ìròyìn kan tọ́ láti gbé ṣíà láti náírà 20 dé 25. Lọ́jọ́ kìíní á dé 22, lọ́jọ́ kejì á dé 24.20, lọ́jọ́ kẹta ló tó lè dé 25. Lórí àwòrán rẹ á dà bíi pé ọjà ń fi ọjọ́ mẹ́ta ronú. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó níbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, àwọn tó fẹ́ rà ti tò gbọọrọ, kò sì sí ẹnì kan tó fẹ́ tà. Ẹni tó ní òun yóò ra á ní 22 kí òun lè tà á ní 25 kò ní rí i rà. Ọjà ti mọ̀ tipẹ́; òfin ni kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wo iye ṣíà tí wọ́n nà lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Bí iye owó bá kan òrùlé tí ìnà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, má ṣe kà á sí èrè tí ẹnikẹ́ni lè jẹ.

ÀtẹÌlà:

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n gbé èyí wá. Ṣíà púpọ̀ ni mo ti rí tó ń gòkè kí ìkéde tó jáde. Ìyẹn fi hàn pé àwọn ará inú ilé-iṣẹ́ ń rà á, nítorí náà ìpele alágbára ti wó. Ìdánwò kan náà, ìpele méjì.

Olùṣirò:

Rárá o, ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Irú ìdánwò ìkéde tí mo júwe yẹn ni à ń pè ní ìwádìí ìṣẹ̀lẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ti Fama, Lawrence Fisher, Michael Jensen àti Richard Roll ní 1969, wo ìgbà 940 tí àwọn ilé-iṣẹ́ pín ṣíà wọn sí wẹ́wẹ́ láàárín 1927 sí 1959. Nínú nǹkan bí oṣù 30 ṣáájú pípín náà, ìlà àṣẹ́kù gòkè fíofío. Lẹ́yìn rẹ̀ ó dúró pẹrẹsẹ. Ṣé àṣírí ló jò fún odindi ọdún méjì ààbọ̀? Ilé-iṣẹ́ tí ṣíà rẹ̀ ti gòkè púpọ̀ ni ó máa ń pín in. Àwa tó mú un lẹ́yìn tó pín tán ni a yan àwọn tó ti yege. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà náà kò mọ èyí tó máa pín.

Ìgòkè ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìkéde lè jẹ́ jíjò àṣírí, ó sì lè jẹ́ àwọn tó ka èsì ìdá mẹ́rin ọdún tí wọ́n sì fi ọgbọ́n orí gbé e. Ìlà iye owó nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí o tó dán ìpele alágbára wò, o gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó rà.

ỌmọAmòfin:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ mi nìyẹn. Olùdarí ilé-iṣẹ́ tó bá ra ṣíà ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọjà mọ̀, NGX sì máa ń gbé ìkéde ìnà àwọn ará inú ilé jáde. Àwọn ìwádìí Amẹ́ríkà lo irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tó wú mi lórí nínú wọn ni pé ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èrè ló ń sọ ìpele tí o wà. Bí o bá kà á láti ọjọ́ tí olùdarí rà, ìpele alágbára lò ń dán wò, torí pé òun nìkan ló mọ ohun tó mọ̀. Bí o bá kà á láti ọjọ́ tí ìwé ìkéde jáde, gbogbo ayé ti rí i, ìpele agbedeméjì ni. Ìwé kan náà ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀.

Jeffrey Jaffe ní 1974 àti Nejat Seyhun ní 1986 ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ará inú ilé jèrè tó ju ti ọjà lọ, kò sì yani lẹ́nu. Seyhun wá rí i pé ẹni tó tẹ̀lé wọn lẹ́yìn tí ìwé jáde kò ní nǹkan kan nílẹ̀ mọ́ bí a bá ti yọ owó ìnà. Ìpele alágbára wó, agbedeméjì dúró.

Ṣùgbọ́n mo ní iyèméjì lórí lílo èyí nílé. Ìwé yẹn kò ní àwọn tó ra á lórúkọ ìbátan tàbí ọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí gan-an ni òfin ń wá. Ìdánwò tó bá lo ìwé ìkéde nìkan ń wo àwọn olóòótọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Owó:

Ṣé mo lè lo àwọn alámòójútó owó àjọni, àwọn tó ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ láti fi ra ṣíà, dípò? Mo kà á pé Jensen wo 115 lára wọn láàárín 1945 sí 1964, ní àárín wọn sì fi nǹkan bí 1.1% lọ́dún rẹlẹ̀ sí ohun tó yẹ kí wọ́n rí, lẹ́yìn owó iṣẹ́ wọn. Ṣé kò fi hàn pé ìpele alágbára dúró níbẹ̀?

Olùṣirò:

Fama ka ìwádìí yẹn mọ́ ti ìpele alágbára ní 1970, ṣùgbọ́n èmi kì í gbé ẹrù púpọ̀ lé e lórí. Kí a tó lè sọ pé àṣírí kò wúlò fún wọn, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n ní àṣírí. Bí wọn kò bá mọ̀ ju ohun tí ìwọ mọ̀ lọ, ìpele agbedeméjì ni wọ́n ń jẹ́rìí sí. Ní 1991 Fama fúnra rẹ̀ yí orúkọ ìdánwò wọ̀nyí padà: àkọ́kọ́ di ìdánwò bóyá èrè ṣeé sọ tẹ́lẹ̀, èkejì di ìwádìí ìṣẹ̀lẹ̀, ẹ̀kẹta di ìdánwò ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni kí o fi ìpele alágbára sílẹ̀, kí o sì ṣe méjì yòókù dáadáa.

ỌmọAmòfin:

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ìwádìí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ júwe náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. 0.92% tí ẹ ní a ń retí, ẹ̀yin lẹ fi òdiwọ̀n ọjà ṣírò rẹ̀. Bí òdiwọ̀n náà bá ń sùn gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí, àṣẹ́kù 3.08% lè jẹ́ àṣìṣe tiyín, kì í ṣe ti ọjà.

Olùṣirò:

Òtítọ́ ni, kò sì sí ẹni tó bọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ìdánwò ìjáfáfá ń dán nǹkan méjì wò pọ̀: ọjà, àti èrò wa nípa èrè tó tọ́ sí ewu. Bí èsì bá wó, a kì í mọ èyí tó wó nínú méjèèjì. Fún ọjọ́ kan tàbí méjì ní àyíká ìkéde, àṣìṣe náà kéré, torí pé èrè tí a ń retí lọ́jọ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfò tí ìròyìn mú wá. Fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìkéde, ó lè gbé gbogbo èsì lọ.

BàbáAlágbàtà:

Lo àwọn báńkì tó ń nà jù nìkan láti fi ṣe òdiwọ̀n tìrẹ, kí o sì fi èsì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Olùṣirò:

Bàbá, báńkì ni gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà nínú àkójọ rẹ̀. Wọ́n sì máa ń kéde ní àsìkò kan náà. Òdiwọ̀n báńkì á gbé ìròyìn náà mì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àṣẹ́kù.

BàbáAlágbàtà:

Hmm. Ìyẹn náà ṣòro. Kó mú àwọn tó ń nà dáadáa lẹ́yìn báńkì nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Owó:

N óò ṣe é ní ọ̀nà méjèèjì. Iye ṣíà tí wọ́n nà lójoojúmọ́ ni n kò tíì ní. Iye owó ìparí ọjọ́ nìkan ni mo gbà sílẹ̀. Mò ń lọ wá a lọ́la, bí mo bá rí i, mo ń padà bọ̀ níbí.